Ọjọ́ wo gan-an ni ọdún 35 mi lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba yóò pé?

Àbẹ̀ní Òkèfìà
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Akọ̀wé ni mí ní ilé-iṣẹ́ ìjọba kan níbí ní Òṣogbo. N kì í ṣe tíṣà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tíṣà ni ọkọ mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n lẹ orúkọ àwa tí ìfẹ̀yìntì ti kù sí dẹ̀dẹ̀ mọ́ ara ògiri, mo sì rí ọjọ́ 2 oṣù kẹta ọdún 2027 níwájú orúkọ mi. Ọjọ́ yẹn ṣàjèjì sí mi. Mo délé, mo tú àpótí ìwé mi sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ìwé tí mo sì kó jáde kò jọ ara wọn.

Ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1991 ló wà lórí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ mi. Lẹ́tà tí ọ̀gá mi ìgbà yẹn fi jẹ́rìí pé mo ti wọṣẹ́, bírò ni wọ́n fi kọ ọjọ́ rẹ̀, "3/2/92". Lẹ́tà tí wọ́n fi kọ̀nfáàmù mi jáde ní oṣù kejì ọdún 1994. Ìwé ìbúra ọjọ́ orí tí bàbá mi ṣe ní kọ́ọ̀tù sọ pé ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 1967 ni wọ́n bí mi, àmọ́ 1969 ló wà lórí káàdì ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n yáa fi 1969 rọ́pò 1967, kí n lè rí ọdún méjì jẹ sí i.

Èwo ni kí n tẹ̀ lé? Mo jẹ kọpuréétì lówó, orí owó oṣù ni wọ́n ti ń yọ ọ́, oṣù kẹta ọdún 2027 sì ni yíyọ ìkẹyìn. Ìdí nìyẹn tí ara mi ò fi balẹ̀.

Bàbá Sáyọ̀
Kò le rárá. Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ ni ìjọba fi gbà yín, òun náà ni wọn yóò fi dá yín sílẹ̀. Ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1991, ẹ fi 35 lé e, ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 2026. Ẹ tètè máa palẹ̀ mọ́.

Ọmọ Ìgbọ̀nà
Ẹ má rí mi fín o, Bàbá Sáyọ̀, mi ò gbà. Ẹni tí wọn ò tíì kọ̀nfáàmù, wọ́n ṣì ń dán an wò ni, wọ́n lè lé e dànù lọ́jọ́ kejì. Ọdún 1994 ló yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún fún aǹtí yìí.

Alákọsílẹ̀
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ rọra. Iṣẹ́ àkọsílẹ̀ òṣìṣẹ́ ni mo ṣe kí èmi náà tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí àríyànjiyàn tí mo yanjú tó èyí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ kúrò lọ́nà. Ìpè ni lẹ́tà yẹn. Ìjọba ní àwọn fẹ́ ẹ, kí o máa bọ̀. Ẹlòmíràn gba tirẹ̀, kò lọ rárá. Àbẹ̀ní gba tirẹ̀ ní oṣù kọkànlá, oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e ló tó wọlé. Ta ló san owó oṣù fún un láàárín ìgbà yẹn? Kò sẹ́ni tó san án. Ọjọ́ tó wọṣẹ́ ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ọdún 35 ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ìdí tí lẹ́tà ìwọṣẹ́ fi wà nìyẹn, ó kàn jẹ́ pé àwọn èèyàn kì í tọ́jú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú èyí tó gbà wọ́n síṣẹ́.

Ní ti kọ̀nfáàmù, lóòótọ́ ni wọ́n ń dán èèyàn wò fún ọdún méjì. Àmọ́ tí wọ́n bá ti kọ̀nfáàmù rẹ, ọdún méjì yẹn wọ inú iṣẹ́ rẹ, wọn ò sọ ọ́ nù. Ọmọ Ìgbọ̀nà, tó bá jẹ́ bí ẹ ṣe wí ni, gbogbo òṣìṣẹ́ ni ìbá máa ṣe ọdún 37.

Ó ku bí ìṣirò náà ṣe lọ. Òfin iṣẹ́ ìjọba gbé ààlà méjì kalẹ̀: ọdún 60 láyé, tàbí ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́. Èyí tó bá kọ́kọ́ dé ló mú ọ. Àbẹ̀ní, tí a bá fi 60 lé ọjọ́ ìbí rẹ, ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2027 ló bọ́ sí. Tí a bá fi 35 lé ọjọ́ tí o wọṣẹ́, ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 2027 ni. Oṣù kejì ṣáájú oṣù kẹwàá. Ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 2027 ni tìrẹ.

Wàyí o, wo ìmọ̀ràn ẹ̀gbọ́n rẹ. Tí o bá sọ ọjọ́ ìbí di 1969, ọdún 60 rẹ á sún sí 2029. Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? Ọdún 35 ló ń lé ọ jáde, kì í ṣe ọjọ́ orí. O ò ní rí ọjọ́ kan ṣoṣo jẹ sí i. Ohun tí o máa rí ni ẹjọ́, torí ọjọ́ ìbí tí èèyàn kọ sílẹ̀ nígbà tó ń wọṣẹ́ kò ṣeé yí padà. Bá mi kí ẹ̀gbọ́n o, àmọ́ sọ fún wọn pé kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀.

Èyí tó wà lára ògiri, 2 oṣù kẹta, mo fura sí i. Tún 3/2/92 rẹ kà.

Àbẹ̀ní Òkèfìà
Ẹ ṣeun, sà. Mo tún un kà. Ó ṣì jẹ́ 3/2/92. Wọ́n ha kà á sódì ni?

Ọmọ Ìgbọ̀nà
Mo ti gba ti Alákọsílẹ̀ lórí kọ̀nfáàmù. Àmọ́ mo fi fóònù ṣírò rẹ̀ báyìí: ọdún 35 lọ́nà ọjọ́ 365 jẹ́ ọjọ́ 12,775. Mo kà á láti ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1992, ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 2027 ló já sí. Ṣé ẹ rí i pé 3 oṣù kejì pàápàá kò tọ̀nà?

Túńdé Kọ̀ǹpútà
Bọ̀dá mi, ẹ ti jẹ ọjọ́ mẹ́sàn-án mọ́ aǹtí lọ́wọ́. Gbogbo ọdún kẹrin-kẹrin ni oṣù kejì máa ń ní ọjọ́ 29. Ẹ kà á: 1992, 1996, 2000, 2004, 2008, 2012, 2016, 2020, 2024. Mẹ́sàn-án géérégé. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́sàn-án kún 25 oṣù kìíní, 3 oṣù kejì lẹ máa bá. Ẹ má fi ọjọ́ ṣírò ọdún, ọdún ni kí ẹ fi ṣírò ọdún.

Aǹtí Àbẹ̀ní, bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n kà á sódì, mo sì lè sọ ẹni tó kà á sódì fún yín: kọ̀ǹpútà ni. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí a ń lò, ètò ti Amẹ́ríkà ló wà lórí rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, oṣù ló máa ń ṣáájú ọjọ́. Ẹni tó tẹ 3/2/92 sínú Ẹ́ksẹ́ẹ̀lì ní ọjọ́ 3 oṣù kejì lòun tẹ̀, kọ̀ǹpútà gbà á bí oṣù kẹta, ọjọ́ 2. Fi 35 lé e, ọjọ́ 2 oṣù kẹta ọdún 2027. Ohun tí ẹ rí lára ògiri nìyẹn.

Ibi tó ti burú ni pé kò ní pariwo. Tí ọjọ́ bá ju 12 lọ, ẹ ká ní 25/12/92, kọ̀ǹpútà kò rí oṣù 25, á fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán. Ẹ máa rí i tó fara ti apá òsì àpótí, nígbà tí ọjọ́ tòótọ́ máa ń fara ti apá ọ̀tún. Ìyẹn ṣeé tètè rí. Àmọ́ ti ẹni tó wọṣẹ́ láàárín ọjọ́ 1 sí 12, á yí i padà wẹ́rẹ́, á tún tò ó dáadáa, ojú kò ní fura. Nítorí náà, àwọn tó bá wà lára ògiri pẹ̀lú yín, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni yóò ṣe. Kí ẹni tó bá ń ṣe àkọsílẹ̀ fi èyí wò ó, ó máa jẹ́ kí orúkọ oṣù jáde ní lẹ́tà:

```
=TEXT(B2,"d mmmm yyyy")
```

Tí ọjọ́ ìbí bá wà ní A2, tí ọjọ́ ìwọṣẹ́ sì wà ní B2, èyí á mú ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé jáde:

```
=MIN(EDATE(A2,720),EDATE(B2,420))
```

Oṣù 720 ni ọdún 60, oṣù 420 ni ọdún 35. Tí nọ́ńbà gbọọrọ bá jáde dípò ọjọ́, ẹ kàn sọ àpótí náà di ti ọjọ́.

Tíṣà Òkè-Báálẹ̀
Kí ló dé tí gbogbo yín ń sọ 35? Láti ọdún 2022 ni Ààrẹ Buhari ti fọwọ́ sí òfin tuntun, ọdún 65 tàbí ọdún 40 lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá yìí ṣì ní ọdún márùn-ún nílẹ̀. Ẹ má dẹ́rù bà wọ́n.

Alákọsílẹ̀
Tíṣà, òfin yẹn wà lóòótọ́, nọ́ńbà tí ẹ sọ náà sì tọ̀nà. Tíṣà ló wà fún. Àbẹ̀ní sọ ọ́ ní gbólóhùn kẹrin pé òun kì í ṣe tíṣà. Ọkọ rẹ̀ ni tíṣà, òfin kì í sì í tan láti ara ọkọ dé ara ìyàwó. Bó ṣe yàtọ̀ fún tíṣà ló yàtọ̀ fún àwọn olùkọ́ yunifásítì, tí ọdún 65 ni tiwọn, tí ti ọ̀jọ̀gbọ́n sì jẹ́ 70. Kí olúkúlùkù mọ àwùjọ tó wà.

Àní fún ẹ̀yin tíṣà pàápàá, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní láti gbé òfin yẹn wọlé fún àwọn tíṣà tirẹ̀. Ẹ má fi ohun tí ẹ gbọ́ ní ilé ọtí gbèrò. Ìwé àṣẹ tó dé ọ́fíìsì yín, tó ní nọ́ńbà àti ọjọ́, òun ni kí ẹ bèèrè.

Tíṣà Òkè-Báálẹ̀
N kì í mutí, sà.

Màmá Ìlobùú
Ọmọ mi Àbẹ̀ní, jẹ́ kí n sọ tèmi, bóyá ẹlòmíràn á rí nǹkan kọ́. Ìbàdàn ni mo ti wọṣẹ́, ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 1989, nígbà tí Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ṣì jẹ́ ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991, wọ́n kó àwa tí a jẹ́ ọmọ ibí wá sí Òṣogbo. Èmi wá gbà lọ́kàn mi pé Ọ̀ṣun ni ọ̀gá mi tuntun, láti 1991 ni kí n sì máa kà. Ọdún 2026 ni mo kọ sára kàlẹ́ńdà mi. Mo ti ń fi ìyẹn gbèrò ilé tí mò ń kọ́.

Irọ́ ni mò ń pa fún ara mi. Iṣẹ́ kan náà ni, wọ́n kàn gbé mi láti ibì kan sí ibòmíràn ni, ọjọ́ kan kò já láàárín. Ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2024 ni ọdún 35 mi pé. Ọ̀rẹ́ mi kan tó wà nídìí fáìlì ló pè mí ní nǹkan bí oṣù márùn-ún ṣáájú, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ ti ń lọ?" Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Títí di òní, ilé yẹn kò tíì ní òrùlé.

Bàbá Sáyọ̀
Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ṣiṣẹ́ níbòmíràn rí ńkọ́? Mo ṣe ọdún mẹ́rin ní ilé ìwé aládàáni kí n tó wọ iṣẹ́ ìjọba.

Màmá Ìlobùú
Ti aládàáni kì í wọ̀ ọ́. Ìjọba kọ́ ló gbà yín síṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó sì kọ̀wé fiṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, tó wá padà wọlé lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tí wọ́n gbé láti ọ́fíìsì kan sí òmíràn. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ mú gbogbo lẹ́tà rẹ̀ dání lọ bá wọn.

Akin Àlékúwodò
Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ já wọ̀ ọ́. Ilé-iṣẹ́ aládàáni ni mo wà. Mo pé ọdún 50 ní oṣù tó kọjá. Wọ́n ní ẹni tó bá ti pé 50 lè gba owó pẹ́ńṣọ̀n rẹ̀. Ṣé kí n lọ gbà á ni? Mo fẹ́ fi ra mọ́tò.

Alákọsílẹ̀
Ìbéèrè tìrẹ yàtọ̀ sí ti Àbẹ̀ní, àmọ́ ó dára bí o ṣe bèèrè rẹ̀, torí ibẹ̀ ni òfin méjèèjì ti kọ ẹ̀yìn síra wọn. Nínú òfin iṣẹ́ ìjọba, èyí tó bá kọ́kọ́ dé nínú 60 àti 35 ló mú èèyàn. Nínú òfin pẹ́ńṣọ̀n ti ọdún 2014, èyí tó bá gbẹ̀yìn ni: ìfẹ̀yìntì tàbí ọdún 50. O ti pé 50, ó dára. Ṣé o ti fẹ̀yìn tì? O ṣì ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọ̀la. Nítorí náà, ìfẹ̀yìntì ni ò ń dúró dè, owó náà kò tíì ṣeé fọwọ́ kàn. Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ kí o tó pé 50 ni, tí oṣù mẹ́rin kọjá tí o ò rí òmíràn, ìgbà yẹn ni wọ́n lè jẹ́ kí o gbà tó ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀.

Akin Àlékúwodò
Hẹ̀n-ẹ́n. Ó dìgbà kan ná fún mọ́tò. Ẹ ṣé, bàbá.

Ọmọ Ìgbọ̀nà
Ó ku ohun kan tó ń rú mi lójú. Ṣé ọjọ́ 3 gan-an ni aǹtí máa fi iṣẹ́ sílẹ̀, àbí ọjọ́ 2? Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 3, ọjọ́ yẹn wà lára ọjọ́ tó ṣiṣẹ́. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 2 oṣù kejì ọdún 2027, ọdún 35 ti pé pérépéré.

Alákọsílẹ̀
Lọ́tẹ̀ yìí, o gbá a mọ́lẹ̀. Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Ọjọ́ 3 ni mo máa ń kọ sínú lẹ́tà gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí ìfẹ̀yìntì bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 2 sì ni òṣìṣẹ́ máa ń bu ọwọ́ lu ìwé ìkẹyìn.

Màmá Ìlobùú
Níbi tí mo wà, ọjọ́ 1 oṣù kẹfà gan-an ni mo lọ gbé báàgì mi, mo sì bu ọwọ́ lu ìwé lọ́jọ́ yẹn. Kò sẹ́ni tó bá mi wí.

Alákọsílẹ̀
Ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2024, Màmá.

Màmá Ìlobùú
Mo ní mo lọ gbé báàgì mi. Ọlọ́dẹ ló ṣí ilẹ̀kùn fún mi, ìwé ìbuwọ́lù sì wà lórí tábìlì.

Ọmọ Ìgbọ̀nà
Mo ní ọ̀gá kan tó wọṣẹ́ ní ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 1996. Ọdún 2031 kò ní ọjọ́ 29 yẹn. Báwo ni tiwọn ṣe máa jẹ́?

Túńdé Kọ̀ǹpútà
EDATE máa gbé e sí 28 oṣù kejì. Tí ẹ bá bi èmi, ọjọ́ 1 oṣù kẹta ni ìfẹ̀yìntì ì bá bẹ̀rẹ̀, torí wọn ò tíì pé ọdún 35 ní òwúrọ̀ ọjọ́ 28. Kí wọ́n tètè kọ̀wé béèrè, kí ìdáhùn wà nínú fáìlì. Ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ 29 kò ní ìṣòro yìí o. Ẹni ọdún 1968 á pé 60 ní ọdún 2028, ọjọ́ 29 sì wà níbẹ̀.

Alákọsílẹ̀
Àbẹ̀ní, ohun tí o máa ṣe rèé. Má lọ bá ẹni tó lẹ ìwé mọ́ ògiri, ọ̀rọ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ya lẹ́tà ìwọṣẹ́ rẹ, kí o kọ lẹ́tà kúkúrú pé ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1992 ni o wọṣẹ́, kí o kọ orúkọ oṣù ní lẹ́tà, má kọ nọ́ńbà. Fi ránṣẹ́ sí ẹ̀ka òṣìṣẹ́, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ rẹ. Tí ẹnikẹ́ni bá ní oṣù kẹta ni, jẹ́ kí wọ́n wo owó oṣù rẹ àkọ́kọ́. Tó bá jẹ́ pé oṣù kejì ọdún 1992 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í san án fún ọ, ẹjọ́ ti parí.

Má sì sọ pé ṣebí ọjọ́ 2 oṣù kẹta ni wọ́n kọ, kí n kàn jókòó jẹ owó yẹn. Ọjọ́ 27 ló wà láàárín méjèèjì. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣí fáìlì rẹ fún owó ìfẹ̀yìntì, lẹ́tà ìwọṣẹ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Owó tí o bá ti gbà lẹ́yìn ọjọ́ rẹ, wọn á ní kí o dá a padà, fáìlì á sì dúró dè ọ́ títí wàá fi dá a. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ni o ní láti kọ lẹ́tà ìfitónilétí, ìyẹn ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá ọdún 2026. Tí o bá tẹ̀ lé ti ara ògiri, oṣù kejìlá lo máa kọ ọ́, ó ti pẹ́.

Àbẹ̀ní Òkèfìà
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti lọ. Ọmọ tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ ní ẹ̀rọ kì í ṣe àṣìṣe. Mo ní kó tẹ ohun tí Túńdé kọ yẹn. Ó tẹ̀ ẹ́, "2 March 1992" ló jáde. Mo gbé lẹ́tà mi sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà. Ó wò ó títí, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo orúkọ tó wà lókè mi àti nísàlẹ̀. Ẹni mẹ́rin ló kọ́kọ́ rí tí tiwọn náà ṣe é fura sí, ó sì pe ọ̀gá rẹ̀ wá.

Wọ́n ti lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tèmi. Ti ọjọ́ 2 tàbí ọjọ́ 3, ọ̀gá náà ní òun máa bèèrè lókè, kò tíì dá mi lóhùn. Ó wá ku kọpuréétì, torí yíyọ ti oṣù kẹta kò ní bá owó oṣù mọ́. Akápò wọn ní kí n wá rí òun lọ́jọ́bọ̀, kí n mú ìwé owó oṣù mẹ́ta dání.